Fọlákẹ́ àti Gbénga: Bí Ọjọ́ Ńlá Ṣe Lọ Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ìjókòó o. Àwòrán ìgbéyàwó wọn nìyí: ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ wá ojú ara yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, ìrẹsì ti tán, ẹ wá fi ojú jẹ tiyín.

Òkè tí ẹ ń wò lẹ́yìn ilé yẹn, Olósunta ni. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìyàwó ti jókòó síbi gèlè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wé e, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u. Ó tún un wé. Fọlákẹ́ ní: "Ẹ má fún un jù o, mo ṣì fẹ́ gbọ́ ẹ̀jẹ́ tí Gbénga máa jẹ́!"

Ẹ̀yin ẹbí ọkọ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ẹbí ìyàwó, ẹ kú àlejò, ẹ kú ìnáwó. Òwò á bọ̀ ọ́. Alága ìjókòó kò kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, àfi ìgbà tí àpòòwé wọlé. Ni ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ wo ẹni kẹta lápá òsì: ìgúnpá ló fi gbára lé ilẹ̀, kí agbádá má baà dọ̀tí. Alága rí i. Gbogbo wọn ló tún un ṣe.

Láàárín iṣu, obì, orógbó, ataare àti oyin, Bíbélì ni ìyàwó mú, òrùka wà lórí rẹ̀. Ó dé fìlà fún ọkọ rẹ̀. Bàbá dá owó orí padà.

"Gbénga, a kì í ta ọmọ nílé wa. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, èmi ni kí o pè. Má pariwo lé e lórí."

Ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi Gbénga gba ìwọ Fọlákẹ́ ní aya mi, nínú ọrọ̀ àti nínú àìní, nínú àìsàn àti nínú ìlera, títí ikú yóò fi yà wá. Mo sì ṣèlérí níwájú ìjọ pé, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọ onígàrí, n kò ní bèèrè ẹ̀bà lọ́jọ́ tí o bá gúnyán."

Àlùfáà gan-an bọ́ awò ojú, ó ń nu omijé ẹ̀rín.

"Èmi Fọlákẹ́ gbà ọ́ ní ọkọ mi. N ó bọ̀wọ̀ fún ọ, n ó gbàdúrà fún ọ. Ṣùgbọ́n iyán yẹn, a ó jọ máa gún un ni."

Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ dìde jó: "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn rẹ ò ní mẹ́ní o!" Àmín kún ilé.

Ní àríyá, wọ́n gbé odó síta. Gbénga bọ́ agbádá, ó gbé ọmọ odó. Gbì! Ẹ̀gbẹ́ odó. Gbì! Ẹ̀gbẹ́ odó ni. Ìyá ìyàwó rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀:

"Àna mi, lọ jókòó. Ẹ̀jẹ́ iyán yẹn, ọ̀la ni yóò bẹ̀rẹ̀."