Ìdánwò Kékeré Ká Tó Bẹ̀rẹ̀ Ìdá, Prámárì 4

Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí ò ní máàkì o, mo kàn fẹ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, torí náà ẹ má wo ìwé ẹnì kejì, ẹni tí ò bá mọ ìkan kó kọ "mi ò mọ̀", kò sí ẹgba. Ìṣẹ́jú 20.

1. Ọmọ méjì pín búrẹ́dì kan dọ́gbadọ́gba. Kí ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Yà á, kó o kọ nọ́ńbà ẹ̀.

2. Wọ́n gé ọsàn sí mẹ́rin ọgbọọgba, o jẹ ẹyọ kan. Ìdá mélòó ló kù?

3. Bọ̀dá gé iṣu sí méjì, wọ́n mú ńlá, wọ́n fún ẹ ní kékeré, wọ́n ní ìdajì nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Kí nìdí?

4. 1/3 àti 1/5, èwo ló tóbi ju ìkejì lọ? (Ẹ fara balẹ̀ síbí o!)

5. Máńgòrò 12, 1/4 ẹ̀ jẹ́ mélòó?

6. Ẹnì kan ní 1/2 + 1/4 = 2/6. Ṣé o gbà? Fi àwòrán ṣàlàyé, mi ò fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" lásán.