Lẹ́tà sí Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì: Àyọ̀míde ò ní wá sílé ìwé láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà

Àgbọwọ́, Ìbàdàn
Túsìdeè, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2025

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ, ẹ sì kú ọdún Iléyá tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán o.

Èmi ni ìyá Àyọ̀míde tó wà ní Praimárì Fóò, ọmọ yẹn tó máa ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín. Àyè ni mo fẹ́ gbà fún un mà, torí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ eyín fún un ní Túsìdeè ọjọ́ 17, lọ́sibítù Òrìta Mẹ́fà. Mọ́ńdè ọjọ́ 16 la máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí dókítà tó máa fún un lóògùn oorun náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, á wá fi ìyókù ọ̀sẹ̀ yẹn sinmi nílé. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ máa rí i ní kíláàsì ní Mọ́ńdè ọjọ́ 23.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ti pẹ́ mà. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí eyín iwájú méjèèjì lókè yọ, ọ̀kan padà hù, èkejì ò hù títí dòní tó ti pé 9. Màmá mi ní aláǹgbá ló rí eyín yẹn nígbà tó ń jù ú sórí òrùlé, èmi náà fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́ torí mo ti dúró dúró ó ti sú mi. Ìgbà tí wọ́n wá ya ẹ́síréè fún un la rí i pé eyín gidi wà níbẹ̀ o, inú èrìgì ló há sí, eyín kékeré kan tí ò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, tórí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ṣóńṣó pẹ́ńsùlù, ló lọ dábùú lójú ọ̀nà lápá àjà ẹnu. Òun ni wọ́n fẹ́ la èrìgì yọ kí èyí tó ń dúró lè ráyè wálẹ̀. Ibi tó fara pamọ́ sí yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ní kó sùn kí wọ́n tó ṣe é, torí ọmọdé ò lè lanu jókòó jẹ́jẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tá ò dúró de họ́lídè, àǹtí kíláàsì ẹ̀ ti bi mí bẹ́ẹ̀ náà lẹ́nu géètì. Mà, èmi gan-an bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e sí oṣù Kẹjọ, àmọ́ ọjọ́ 17 yìí ni wọ́n rí fún wa, tá a bá sì fi í sílẹ̀ a ò mọ ìgbà tó tún máa kàn wá, bẹ́ẹ̀ dókítà ní bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa nira fún eyín yẹn láti dá wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo so lẹ́tà ọsibítù mọ́ èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí rẹ́jístà pé ó gbàyè ni, kì í ṣe pé ó sá níléèwé.

Tẹ́ẹ̀sì Ìṣirò ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń ká mi lára jù, tí wọ́n bá lè jẹ́ kó ṣe é nígbà tó bá dé, inú mi á dùn. Kí àǹtí fi iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, màá jókòó tì í láti Tọ́sìdeè, mi ò ní lọ Gbági lọ́sẹ̀ yẹn rárá, àwọn kọ́sítómà mi á fara dà á.

Tó bá padà dé, ètè òkè ẹ̀ ṣì lè wú díẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán èrìgì sì máa wà níbẹ̀ títí á fi yọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn mà, kódà kó máa sunkún, torí tẹ́nìkan bá fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ á tún dà. Ògì àti mọ́ínmọ́ín tí ò láta ni màá máa dì fún un, kí wọ́n jọ̀ọ́ má fún un ní gúgúrú tàbí kókóró. Kó fi omi oníyọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, màá gbé e sínú ìgò kékeré fún un. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ti ń pè é ní bàbá àgbà tẹ́lẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ sí ìyẹn náà.

Ó kù oríkì Ìbàdàn tẹ́ ẹ ní kó kì lọ́jọ́ ìparí táámù. Eyín yẹn ò ní tíì hù nígbà yẹn o, dókítà ní ó lè gba oṣù púpọ̀. Àmọ́ ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mà, ó ń kì í ní gbogbo alẹ́, "Mesìọ̀gọ̀" ló ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn gba àlàfo yẹn jáde, a kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ ṣé mà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àyọ̀míde