Ògún Kì Í Ṣe Ẹ̀sìn, Iṣẹ́ Wa Ni

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní ọmọ kan tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ tó gba fọ́ọ̀mù dé, ó ní kí n bá òun kún un, torí ọ́ìlì ti gba gbogbo ọwọ́ òun. A dé ibi tí wọ́n kọ "Ẹ̀sìn" sí. Ó ní, "Ẹ kọ Ìgbàgbọ́." Mo kọ ọ́. Ojú mi wá bọ́ sórí àwọn irin ògbólógbòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: àyà ẹ́ńjìnnì kan, ẹ̀rọ jáàkì tó ti dógùn-ún, màrìwò gbígbẹ lórí wọn, epo pupa àti iyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ wọn lára. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí ńkọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tísà, Ògún kì í ṣe ẹ̀sìn. Iṣẹ́ wa ni."

Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn, nítorí ìjà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà láti bí àádọ́jọ ọdún wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá yìí kò sọ pé Ògún ò sí. Kò ní òun kì í bọ ọ́. Ohun tó ń wí ni pé ohun tí òun ń ṣe níwájú irin yẹn kò sí lára ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu: òun ni, àbí ẹni tó tẹ fọ́ọ̀mù, àbí èmi tí bírò wà lọ́wọ́ mi?

Ìtumọ̀ ẹ̀sìn kò wọ́n. Ní 1912, James Leuba, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kó bí àádọ́ta jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, wọn ò sì tíì dẹ́kun àtiṣe òmíràn látìgbà náà. Ṣùgbọ́n tí a bá tú wọn wò, ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pín sí. Àwọn kan ń béèrè pé kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú nǹkan kí a tó pè é ní ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká pe tiwọn ní ìtumọ̀ inú. Àwọn kejì ń béèrè pé iṣẹ́ wo ni nǹkan náà ń ṣe fún ènìyàn tàbí fún àwùjọ. Tiwọn ni ìtumọ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwọn ará ìtumọ̀ inú ni Edward Burnett Tylor, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ ní 1871 pé ẹ̀sìn ni ìgbàgbọ́ nínú àwọn ẹ̀dá ẹ̀mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ yìí kúrú, ó sì mú. Ní ti ọ̀gá mi ní Sábó, Tylor kì bá fọkàn sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rárá: Ògún jẹ́ ẹ̀dá ẹ̀mí, o sì gbà pé ó wà, ẹ̀sìn lò ń ṣe, o fẹ́, o kọ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí bàtà yìí ti ń ta ẹsẹ̀. Tylor gbé gbogbo ẹrù lé ìgbàgbọ́ lórí, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò gbà fún un. Onígbàgbọ́ là ń pe Kristẹni, ó sì tọ́ sí wọn, torí ẹ̀sìn tiwọn a máa bi ènìyàn pé, "Ṣé o gbà?" Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ onígbàgbọ́ Ọ̀ṣun rí? Wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun ni. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀sìn" pàápàá, ara "sìn" ló ti jáde, "sìn" kan náà tí à ń lò fún ẹni tó ń sin ọba. Ẹni tó ń sin ọba, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ là ń wò, a kì í tú àyà rẹ̀ wò bóyá ó gbà pé ọba wà. Ohun tí Talal Asad, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, ń tọ́ka sí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1993 sún mọ́ èyí: pé fífi ìgbàgbọ́ inú ọkàn ṣe òpó ẹ̀sìn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn Kristẹni ní Yúróòpù, kì í sì í ṣe ohun tí a lè kàn gbé lé gbogbo ayé lórí.

Ẹ̀sìn Búdà ló dá wàhálà kejì sílẹ̀. Émile Durkheim, ọmọ Faransé, ló gbé e dìde ní 1912: àwọn ẹlẹ́sìn Búdà wà tí ọlọ́run kankan kì í ṣe kókó ọ̀nà ìgbàlà wọn, ṣé a ó wá sọ pé wọn kò lẹ́sìn ni? Melford Spiro, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn ní Amẹ́ríkà, dáhùn ní 1966. Ó ti gbé láàárín àwọn ará Bọ́mà, ó sì rí i pé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀ ń bá ẹ̀mí lò, wọ́n ń tù wọ́n lójú. Nítorí náà, kò ju ìtumọ̀ Tylor nù, ó tún un ṣe ni: ẹ̀sìn jẹ́ ètò tí àwùjọ fi ń bá àwọn ẹ̀dá tó ju ènìyàn lọ lò, ní ìlànà tí àṣà wọn là sílẹ̀. Ẹ wo "ń bá lò" yẹn dáadáa. Ó sún kúrò lórí ohun tí ẹnì kan ń rò, ó bọ́ sórí ohun tí wọ́n jọ ń ṣe. Lójú tèmi, òun ló súnmọ́ "bọ" àti "sìn" tiwa jù lọ nínú gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó kọ.

Ní ti ìtumọ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́. Ọọ̀ni á ti wọlé fún ọjọ́ mélòó kan, ojú ò ní rí i. Lọ́jọ́ náà gan-an, á jáde pẹ̀lú adé Ààrẹ lórí, adé tí a kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, á sì kọjá lọ sí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún. Èrò á kún títí dé ojú títì. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún mi lọ́dún kan de gèlè ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fi hìjáábù borí, àwọn méjèèjì jọ ń pariwo "Kábíyèsí!" títí ohùn fi há. Tylor á máa wá ẹni tó gba ẹ̀mí gbọ́ láàárín wọn. Durkheim á ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Òun sọ pé ẹ̀sìn ni àkójọpọ̀ ìgbàgbọ́ àti ìṣe tó jẹ mọ́ ohun ọ̀wọ̀, ìyẹn ohun tí a yà sọ́tọ̀ tí a sì fi èèwọ̀ yí ká, tó ń so gbogbo àwọn tó dì í mú pọ̀ di ìjọ kan. Adé tó ní èèwọ̀ rèé, ìlú tó di ọ̀kan rèé. Kí lẹ tún ń wá?

(Àwọn kan á ní Durkheim ti da méjèèjì pọ̀: ohun ọ̀wọ̀ jẹ́ ti inú, síso ènìyàn pọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ibi iṣẹ́ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbà lọ.)

J. Milton Yinger, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tún na ọ̀nà yìí síwájú ní 1970. Ó ní ẹ̀sìn ni ìgbàgbọ́ àti ìṣe tí ẹgbẹ́ ènìyàn fi ń dojú kọ ìṣòro tó ga jù nínú ayé: ikú, ìyà, ìrẹ́jẹ. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀sìn tó máa bọ́ sílẹ̀. Ìpalára ibẹ̀ náà nìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú lè wọlé, ìfẹ́ orílẹ̀-èdè lè wọlé, àwọn ọmọkùnrin tó ń sunkún ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lálẹ́ Sátidé náà lè wọlé. Àwọn àgbà ti fi ìtumọ̀ iṣẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ kí Yinger tó dáyé: òrìṣà bí ọ̀fun kò sí, ojoojúmọ́ ló ń gbẹbọ. Àwàdà náà dùn nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀fun kì í ṣe òrìṣà. Bí ìtumọ̀ iṣẹ́ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán, kò ní sí ohun tí a ó máa rín nínú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Asẹ́ ògì ni mo fi ń ṣàlàyé ìtumọ̀ méjèèjì fún àwọn ọmọ. Èyí tí ojú rẹ̀ kéré, ògì dáadáa á kù sínú èèrí. Èyí tí ojú rẹ̀ tóbi, èèrí á bá ògì sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá ṣe pé inú kíláàsì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, kì bá tí dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òfin wà nídìí rẹ̀. Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní abala 10, ní kí ìjọba má ṣe sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Abala 38 fún gbogbo ènìyàn lómìnira ẹ̀sìn. Kò síbi tó ti sọ ohun tí ẹ̀sìn jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà dé Kóòtù Gíga Jù Lọ ní 1965. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Daniel Seeger kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun, òfin sì ní ẹni tó gba Ẹlẹ́dàá gbọ́ nìkan ló lè kọ̀ nítorí ẹ̀sìn. Seeger kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun gba Ọlọ́run gbọ́. Kóòtù dá a láre: bí èrò rẹ̀ bá ti wà nípò tí Ọlọ́run wà nínú ayé àwọn ẹlòmíràn, ó tó. Ìtumọ̀ iṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ ogun.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Jàpáàn. Òfin wọn ti 1889 fún àwọn ènìyàn lómìnira ẹ̀sìn, ìjọba wá ní bíbọ̀wọ̀ fún ojúbọ Ṣíńtò, ìṣẹ̀ṣe ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ẹ̀sìn, ojúṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀sìn rẹ̀ yẹra. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "àṣà ni, kì í ṣe ẹ̀sìn" nípa Ọlọ́jọ́, Jàpáàn ló ń sọ sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣẹ̀ṣe fúnra wọn kò gba orúkọ yẹn. Ẹ̀sìn ni wọ́n pe tiwọn, wọ́n sì fi 20 Oṣù Kẹjọ ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ifá ńkọ́? Lábẹ́ ohun àjogúnbá ìran ènìyàn ni UNESCO kà á sí ní 2005. Babaláwo tó ń dáfá láàárọ̀ kò yí ohunkóhun padà, orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí ló ń yí.

Ìdí nìyí tí Jonathan Z. Smith, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn ní Amẹ́ríkà, fi kọ ọ́ ní 1982 pé inú yàrá ìkàwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ti ṣẹ̀dá "ẹ̀sìn". Èmi ò bá a dé ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n n kò tún gbà pẹ̀lú Max Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Jámánì, tó ní òpin ìwádìí nìkan la ti lè gbìyànjú ìtumọ̀, torí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ti Spiro ni mo fi ń mọ ohun tí mo fẹ́ wò. Tí mo bá ti rí i, mo wá ń béèrè ìbéèrè Durkheim lọ́wọ́ rẹ̀: kí lò ń ṣe fún àwọn wọ̀nyí?

Mo padà lọ gbé ọkọ̀ mi. Ọ̀gá ń sọ fún mi pé wọ́n pe òun ní ẹlẹ́rìí sí kóòtù lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n jí. Akọ̀wé bi í pé Bíbélì, Kùránì, tàbí irin, èwo ló fẹ́ fi búra. Mo ní, "Ẹ mú irin, àbí?"

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré. "Irin kẹ̀? Bíbélì ni mo mú. Tí n bá lọ ṣèèṣì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"