Ẹ̀bẹ̀ láti tún ìdáhùn mi sí ìbéèrè kẹta wò

Ẹ̀yin olùkọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Máàkì 4 nínú 15 ni mo gbà nínú ìbéèrè kẹta, lórí iye owó tó wà nígboro.

Ìbéèrè ní ₦10,000 wọ báńkì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́: èló ni àwọn báńkì máa dá kún un? Mo fi 0.2 pín 10,000, ó di ₦50,000. Mo yọ ₦10,000 àkọ́kọ́, ó ku ₦40,000. Wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ ₦50,000. Àpapọ̀ nìyẹn, sà, kì í ṣe àfikún.

Ti apá kejì, ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé owó ọwọ́ aráàlú.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ náà wà lójú ìwé 6.

Akẹ́kọ̀ọ́ yín,
Nọ́ńbà ìdánwò 047