Dámọ́lá, orin rẹ rèé

Dámọ́lá, àbúrò mi àtàtà,

Màmá yín sọ fún mi lánàá pé èsì ìdánwò ti jáde, pé o ò yege nínú ìṣirò àti físíìsì, o sì ti tilẹ̀kùn mọ́rí láti àárọ̀. Mi ò pè ọ́ nítorí mo mọ̀ pé o ò ní gbé e. Má wulẹ̀ dá mi lóhùn lónìí.

Ó yẹ kó dùn ọ́. Gbogbo wa la rí bí o ṣe ń fi òru kàwé. Ẹni tó bá ní kó o ṣáà máa rẹ́rìn-ín, má dá a lóhùn. Sunkún rẹ tẹ́rùn ná.

Mo to orin mẹ́rin fún ẹ. Bí mo ṣe tò wọ́n ni kó o gbọ́ wọn, má fo ìkankan (mo mọ̀ ẹ́ dáadáa).

"Eye Adaba" ti Aṣa ni ti alẹ́ òní. Orin jẹ́jẹ́ ni, kò ní kó o dìde ṣe nǹkan kan. Paná, kó o dùbúlẹ̀ gbọ́ ọ.

"Three Little Birds" ti Bob Marley ló kàn. Wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin yìí nínú ilé ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1976. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé orin yìí jáde. Tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ká fọkàn balẹ̀, èmi á gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù fún ẹ: "I Will Survive" ti Gloria Gaynor, 1978. Ẹ̀yìn àwo ni iléeṣẹ́ tó ṣe é fi í sí, torí orin mìíràn ni wọ́n rò pé àwọn èèyàn máa fẹ́. Àwọn tó ń lu àwo lóde ijó ló yí i padà, ni gbogbo ayé bá gbọ́ ọ. Àwọn tó kọ́kọ́ díwọ̀n ẹ̀ kì í sì í ṣe òpè o. Gbé ohùn ẹ̀ sókè dáadáa.

"Bitter Experience" ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́ wà fún àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó o tó lọ sílé ìwé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1997 ò jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ rìn mọ́, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ti wá di gbajúmọ̀ olórin.

Tó o bá débẹ̀, bẹ tíṣà kí wọ́n fi ìwé ìdáhùn rẹ hàn ẹ́. Wò ó bóyá ìṣirò gan-an ni ò yé ẹ, tàbí àkókò ló tán mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ìkọ̀ọ̀kan. Ìṣirò la ó kọ́kọ́ gbá mú, torí òun náà ló pọ̀ jù nínú físíìsì. Alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni màá máa pè ẹ́ fún un.

Mo ti bá bàbá yín sọ̀rọ̀. Wọn ò bínú tó bó o ṣe rò. Lọ jẹun.

Ìwọ ni kó o yan orin karùn-ún. Jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èyí tó o fi yọ wá lẹ́nu ní gbogbo ìsinmi tó kọjá o!

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Túndé