Ọ̀rọ̀ kápítẹ̀nì kí a tó gbéra: eré kìlómítà 10 fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú òjò àná. Ẹ̀yin àgbà tó wà láàárín wa, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ohùn mi lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì Yunifásítì lọ́hùn-ún. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lù yìí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ó gbéra.

Púpọ̀ nínú yín mọ àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ ti jọ jẹun nílé mi, ẹ ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún yín rí ni ohun tójú rẹ̀ rí nígbà tí a wà ní kékeré l'Ókè-Àdó. SS ni. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Tí ìrora bá dé lóru, kì í pariwo, torí kò fẹ́ jí màmá wa. Ńṣe ni yóò di etí bẹ́ẹ̀dì mú, tí màá sì máa gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn kekeke nínú òkùnkùn. Bí mo bá ti gbọ́ ìró eyín yẹn, mo mọ̀ pé ó ti dé nìyẹn. Màá lọ gbé omi kaná, màá bù ú sínú ìgò, màá fi táwẹ́lì wé e, màá sì gbé e lé eegun ojúgun rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Bí ìgò náà bá tutù, màá tún lọ kaná òmíràn. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ di ìgbà tí àkùkọ máa kọ.

Àwọn kan nínú ẹbí pè é ní abíkú. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ nílà sára kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má baà mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀yin ará mi! Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run kankan níbẹ̀. AS ni bàbá wa, AS ni màmá wa, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní ráyè kọjá. Ibẹ̀ ni ìrora yẹn ti ń wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì gbéyàwó, tí ẹ kò tíì lọ́kọ, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní kí ìfẹ́ tó wọ̀ yín lára jù.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 2008 pé kí gbogbo ayé máa fi rántí àrùn yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi mú Sátidé yìí.

Ní ti owó, títí di alẹ́ àná, ₦2,340,000 ló ti wọlé. Kò ní gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ìtajà oògùn ni akápò yóò sanwó fún tààrà, wọn yóò sì kó oògùn náà lọ sí klíníìkì àwọn ọmọdé tí a ti bá ṣàdéhùn. Pẹnisílìnì ni fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí kòkòrò àrùn máa ń tètè bá wọn jà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú wọn àti àwọ̀n ẹ̀fọn wà níbẹ̀, torí pé ibà gan-an máa ń dá ìrora náà sílẹ̀. Haidirọ́síyúríà náà wà níbẹ̀, èyí tó ń dín iye ìgbà tí ìrora ń dé kù. Òun ló wọ́n jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rà lóṣù yìí tí wọn kò ní lè rà lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan tún ṣèlérí owó lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá parí. Wọn ò sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ sáré é. Ẹni tó bá rìn ín parí, ó ti parí náà nìyẹn.

Ó yá, ọ̀nà wa. A ó gba Agbówó, a ó kọjá Ọjà Bódìjà, a ó yí padà ní Sẹkitéríàtì, a ó sì padà síbí. Kìlómítà 5 lọ, 5 bọ̀. Níwájú ọjà, àwọn lọ́rí á ti máa já ata àti tòmátì, èyí tó bọ́ sílẹ̀ á ti pò mọ́ omi òjò. Ibẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ má sáré níbẹ̀ rárá, ẹ rìn ín, kẹ́ ẹ sì kí àwọn ìyá wa tó wà níbẹ̀, torí wọ́n ti jí kí èyíkéyìí nínú wa tó jí.

Kìlómítà àkọ́kọ́ ló máa ń ba eré ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ara á yá, ìlù á máa dún, ẹsẹ̀ á fẹ́ fò. Ẹ dá a dúró. Tí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti yára jù nìyẹn. Omi wà ní kìlómítà 3, 5 àti 8.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ AS, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí, ẹ sì pọ̀ níbí. Ara yín le, kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má sáré. Ṣùgbọ́n bí omi ara bá gbẹ, tí oòrùn mú, tí ẹ sì tún ń sáré àsápajúdé, ẹ̀jẹ̀ tiyín náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ mu omi níbi gbogbo tí ẹ bá ti rí i. Bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ rọ bí ẹni pé kò sí agbára níbẹ̀ mọ́, ẹ má pè é ní pajápajá lásán. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí àwọn tó wọ aṣọ ọsàn. Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹni tó bá dúró pé kó ṣe bí ọkùnrin. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ o.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ ehoro, ẹ mọ ara yín. Tí ẹ bá ti parí, ẹ mu omi, kẹ́ ẹ padà lọ pàdé àwọn tó kù lójú ọ̀nà. Màmá wa tó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ló ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá. A ò ní palẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé.

Àbúrò mi ti wà ní Sẹkitéríàtì báyìí, níbi tí a ó ti yí padà. Aago márùn-ún ló ti jí, ó wọ súwẹ́tà méjì torí òtútù. Òun ni yóò máa fún yín lómi ní kìlómítà 5. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ní orúkọ gbogbo yín lọ́wọ́ lórí pépà kan, ó fẹ́ fi báírò fàlà sí i bí ẹ bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró kó rí nọ́ńbà àyà yín dáadáa.

Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ báyìí. Ẹ tún okùn bàtà yín so. Àwọn tó máa rìn, ẹ bọ́ sápá òsì. Ó yá, ẹ jẹ́ ká na ara.