Ọjọ́ tí ẹ ó máa wá, àti ohun tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Dámilọ́lá. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ni, láti ilé ìtọ́jú aláboyún wa ní Ìsọ̀kùn. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Èrò pọ̀ lánàá, ọmọ ń ké lọ́tùn-ún lósì, mo sì rí i pé orí lásán lẹ ń mì fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ báyìí. Ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá Dámilọ́lá l'Ékòó, kí ẹ sì ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ gìrì sétí ìyá ọkọ yín, nítorí àwọn ni wọ́n ń bá yín gbélé.

Ọjọ́ kejì Fẹ́búárì ni nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Ọjọ́ kẹsàn-án Nòfẹ́ńbà 2026 la ń retí ọmọ. Ẹ má fi ọjọ́ yẹn ṣe àdéhùn o. Ó lè ṣíwájú rẹ̀ tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́rú ni gbogbo ọjọ́ tí ẹ ó máa wá, aago mẹ́jọ àárọ̀. Èyí tó kàn ni 24 Júùnù, oyún á ti lé ní ogún ọ̀sẹ̀. Ẹ ti ṣe síkáànù wá kó tó di ọjọ́ yẹn, kí a lè mọ ibi tí olóbì lẹ̀ mọ́ àti bóyá ọmọ kan ni tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì. Oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹ̀ẹ̀mejì: ọjọ́ kejì àti ọgbọ̀n ọjọ́. Òkítóbà, ẹ̀ẹ̀mejì: ọjọ́ kẹrìnlá àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí ẹ kò bá tíì bí, 11 Nòfẹ́ńbà. Pẹ̀lú ti àná, ìgbà mẹ́jọ nìyẹn, bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe là á kalẹ̀ láti 2016.

Tiyín ní àfikún kan: 15 Júláì. Ìfúnpá nìkan la ó wò, ẹ kò ní tò. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Oyún Dámilọ́lá, ẹ̀jẹ̀ yín ru sókè nígbà tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ bí, ẹni tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ rí, ó lè tún rí i. Ti àná dára, 110 lórí 70, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ara yín lè le kokooko, kẹ́ ẹ máa ta aṣọ yín l'Átàkúnmọ́sà láti àárọ̀ dalẹ́, kó sì ti ru. Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá àti ìtọ̀ tí a ń yẹ̀ wò ló ń tú àṣírí rẹ̀. Nítorí náà, "ara mi le, mo ní kí n má wulẹ̀ wá" kò sí nínú àwíjàre tí mo máa ń gbà. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ìdí ìsọ̀ yín ni n ó ti bá yín bí òṣómàáló, n kò sì ní dìde tí ẹ kò bá tẹ̀ lé mi. Ọmọ Iléṣà ni wá, a mọ gbèsè gbà.

Nípa oògùn. Fansídà tí ẹ lò lójú wa lánàá, fún ibà ni, kí ibà má bàa fara pamọ́ sínú olóbì kó máa jẹ oúnjẹ ọmọ. Ó kéré tán, oṣù kan la ń fi sáàárín ìlò kan àti èkejì, ìyẹn ni pé ẹ ó tún lò ó ní 24 Júùnù, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà àti 28 Òkítóbà. Ẹ má rà á lò fúnra yín ní kẹ́míìsì. Kò sì ní kẹ́ ẹ má sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fún yín. Mo mọ̀ pé ooru ń mú, ẹ ṣí fèrèsé.

Ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ 31, ó kéré díẹ̀ sí iye tí mo fẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́. Yóò sọ ìgbẹ́ yín di dúdú, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi ọsàn tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi tíì mu ún, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, nítorí ọ̀kan kì í jẹ́ kí èkejì ṣiṣẹ́. Kálísíọ̀mù pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án. Áspírìn kékeré tí dọ́kítà kọ, mílígíráàmù 75, alaalẹ́ ni. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ni wọ́n ṣe kọ ọ́, dọ́kítà ló sì máa sọ ìgbà tí ẹ ó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àpòpọ̀ oògùn ara ríro tí wọ́n ń wé fúnni lọ́jà, ẹ má fẹnu kàn án. Àgbo náà ńkọ́? Ìyá ọkọ yín bi mí, mo sì dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó dúró ná, nítorí a kò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò sì mọ bó ṣe ń bá oògùn wa jà. Iyán ò burú, kẹ́ ẹ ṣáà ti fi ẹ̀fọ́ tó nípọn àti ẹja tì í lẹ́yìn. Ẹyin àti ẹ̀wà náà dára.

Ó wá kan èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí.

Orí fífọ́ tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ sinmi. Ojú tó ń ṣe bàìbàì, tàbí tí nǹkan ń tàn yẹ́ríyẹ́rí níwájú rẹ̀. Ìrora lókè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, tí ẹ lè máa pè ní ọgbẹ́ inú. Ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, tí òrùka kò jáde lọ́wọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ tó wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó sì fà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kò ba aláboyún lẹ́rù, ṣùgbọ́n bí wíwú ẹsẹ̀ bá dé pẹ̀lú orí fífọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú wọn lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, ẹ má retí ìkejì, ẹ wá lójú ẹsẹ̀, àní bó jẹ́ òru. Nọ́ọ̀sì kan máa ń sùn síbí. Ibi tí gìrì aláboyún ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bá ìyá sọ ọ́ lójúkojú: gìrì yìí kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Mo ti rí aláboyún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé àdúrà, tí wọ́n sì tó gbé e wá lẹ́yìn tó ti ta gìrì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà tí a bá gbà nínú mọ́tò pẹ̀lú. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da ohunkóhun sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má fi iná jó o lẹ́sẹ̀. Ẹ gbé e wá. A ní abẹ́rẹ́ tí a ń fún un kí mọ́tò tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì.

Ẹ̀jẹ̀ lójú ara, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ wá. Bó bá pọ̀ tó láti rin aṣọ, ẹ má yà sọ́dọ̀ wa rárá, Wẹ́sílì tààrà. Bí kò bá dùn yín, ẹ má sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Olóbì tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa ń dà ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki ọwọ́ bọ̀ yín lábẹ́ láti wò ó. Kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ lò pamọ́ kí dọ́kítà rí i.

Omi tó dà nígbà tí oṣù kò tíì pé, ẹ wá, ì báà máà sí ìrọbí. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó mọ́ tàbí ó ní àwọ̀ ewé. Inú rírun tó ń lọ tó ń bọ̀ ṣáájú ìparí ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì, ẹ wá.

Ọmọ yóò máa sọ láìpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti bí rí máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Bó bá ti di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ ó ti mọ ìwà rẹ̀: ìgbà tó ń sùn àti ìgbà tó ń jà. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ ju bó ti máa ń ṣe lọ, ẹ wá lọ́jọ́ náà. Wọn yóò ní kẹ́ ẹ mu mínírà tútù kó lè jí. Ẹ má fi ìyẹn ṣòfò àkókò.

Ibà, ara gbígbóná pẹ̀lú òtútù. Ìtọ̀ tó ń ta tàbí tó ń dun yín. Omi ara tó ń rùn. Ojú tó di àwọ̀ ìyeyè. Èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró nínú. Mímí tó ń ṣòro nígbà tí ẹ jókòó. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dunni: gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ wá lọ́jọ́ náà, ẹ má retí Ọjọ́rú.

Bàbá Dámilọ́lá kò sí nílé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti mú nǹkan mẹ́ta sílẹ̀. Ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò, tí yóò gbé fóònù lóru. Ọ̀kadà kò yẹ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Èèyàn méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ti lọ yẹ ara wọn wò. Àti owó díẹ̀ tí ẹ kò ní fi ra aṣọ sínú ìsọ̀. Káàdì pupa yín, kó máa wà nínú báàgì tí ẹ ń gbé lọ sọ́jà, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nọ́ńbà tí mo fi kọ ìwé yìí ni tèmi, ẹ pè é nígbàkúgbà. Bí n kò bá gbé e, ẹ máa bọ̀, ẹ má dúró de kí n pè padà.

Ẹ fi orúkọ onímọ́tò yẹn àti ti àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé, mo fẹ́ kọ wọ́n sẹ́yìn fáìlì yín. Ẹ bá mi kí Dámilọ́lá. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀